Àbá Ló Wà Lórí Síláìdì, Ìpinnu Ló Yẹ Kó Wà Nínú Mínìtì

Nínú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, ìlú kékeré kan láàárín Òrò sí Òmù-Àrán, a kì í fi ẹnu lásán jẹ́ ìròyìn mọ́. Ẹni tí ìgbìmọ̀ bá rán níṣẹ́ yóò gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá, wọn yóò ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn, yóò sì máa ṣí síláìdì kan tẹ̀ lé òmíràn títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi tán. Bí ìpàdé bá ti parí, tí kálukú ti ń wá bàtà, ẹnìkan kì í ṣàìsọ fún akọ̀wé pé, “Ṣebí gbogbo ẹ̀ ti wà nínú síláìdì yẹn? Ẹ ṣáà kó o sínú mínìtì.” Èmi ni akọ̀wé tí wọ́n ń sọ ọ́ fún, mi ò sì gbà á rí.

Ìdí tí mi ò fi gbà á ni pé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ síláìdì. Ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ń fẹ́ kí àwọn èèyàn gbà ló kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn èèyàn wá jókòó, tí ọ̀kan sọ pé owó náà ti pọ̀ jù, tí èkejì sọ pé kí a sún un síwájú, tí bàbá alága bi ilé léèrè bóyá a fara mọ́ ọn. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ìpinnu, kò sì sí síláìdì kankan tó lè mọ̀ ọ́n ṣáájú. Akọ̀wé tó bá da síláìdì kọ sínú mínìtì, àbá ẹnìkan ló sọ di òfin ìlú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, síláìdì wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń kọ mínìtì. Iye owó, orúkọ, ìwọ̀n àti ètò wà nínú rẹ̀, lọ́nà tí etí nìkan kò lè gbà mú. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni bí mo ṣe ń yọ ìpinnu àti iṣẹ́ tó bá kálukú lọ́wọ́ jáde láti inú síláìdì, kó má baà jẹ́ ohun tí a kò pinnu ni mo kọ, kí n má sì gbàgbé ohun tí a pinnu. Ìpàdé kan ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí a ṣe ní ọjọ́ Sátidé kan nínú Oṣù Kẹsàn-án lórí kànga ẹ̀rọ. Síláìdì mẹ́rìnlá ni àbúrò wa ẹnjiníà, tó jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ omi, gbé wá.

Kí n tó ka ohunkóhun, mo ní láti mọ fáìlì tí mo fẹ́ kà. Fáìlì mẹ́ta ló máa ń wà fún ìpàdé kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sórí wásáàpù ẹgbẹ́ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi hàn wá nínú gbọ̀ngàn, tí wọ́n ti lè yí nǹkan padà nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹni tó jẹ́ ìròyìn tún ṣe lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ̀kẹta yìí ló léwu jù, nítorí pé inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é. Lẹ́yìn ìpàdé tí mò ń sọ yìí, ẹnjiníà wa padà sílé, ó yí síláìdì kẹrin padà kó lè bá ohun tí a pinnu mu, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti bá yín tún un ṣe.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lò ó. Bí mo bá lò ó, mínìtì yóò máa sọ pé kànga kan ni ìgbìmọ̀ béèrè fún, pé kànga kan náà la sì fún wọn. Méjì ni wọ́n béèrè. Èkejì tí a dá dúró, pẹ̀lú ìdí tí a fi dá a dúró, yóò ti pòórá nínú ìwé.

Nítorí náà, kí wọ́n tó pa kọ̀ǹpútà nínú gbọ̀ngàn ni mo ti máa ń fi fláàṣì gba fáìlì tí wọ́n lò gan-an. Mo máa ń fi ọjọ́ ìpàdé kún orúkọ rẹ̀, mi ò sì ní tẹ ohunkóhun sínú rẹ̀ mọ́. Bí mo bá ṣí i nínú PowerPoint, tí mo tẹ File, tí mo tẹ Info, yóò fi ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn hàn mí níbi tí wọ́n kọ Last Modified sí. Bí àkókò ibẹ̀ bá ti kọjá ìgbà tí ìpàdé tú ká, mo mọ̀ pé kì í ṣe fáìlì tí ilé rí nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ PDF ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, mo tún máa ń béèrè fáìlì PowerPoint gan-an, nítorí pé ohun tí ẹni tó jẹ́ ìròyìn kọ sísàlẹ̀ síláìdì fún ara rẹ̀ kì í sábà bá PDF wá.

Yíyọ ọ̀rọ̀ jáde ló kàn. Pàkúté kan wà níbí tó ti mú ọ̀pọ̀ akọ̀wé tí mo mọ̀ ní Ìlọrin, títí kan àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Wọ́n á tẹ View, wọ́n á yan Outline View, wọ́n á rí gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò wálẹ̀ lápá òsì, wọ́n á dà á kọ, wọ́n á rò pé àwọn ti kó gbogbo rẹ̀ tán. Wọn kò kó gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sínú àpótí tí PowerPoint fúnra rẹ̀ ti pèsè sórí síláìdì, ìyẹn ibi tí àkọlé àti kókó ọ̀rọ̀ ń gbé, nìkan ló ń hàn níbẹ̀. Àpótí tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà sórí síláìdì láti Insert àti Text Box kì í hàn. Tábìlì kì í hàn. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwòrán kì í hàn.

Síláìdì kẹsàn-án nínú ìpàdé wa ló fi èyí hàn kedere. Nínú Outline View, àkọlé nìkan ló wà níbẹ̀: “Owó ìdáwó.” Ṣùgbọ́n lójú síláìdì gan-an, àpótí ńlá méjì wà tí ẹnjiníà fi ọwọ́ rẹ̀ fà síbẹ̀. Nínú ọ̀kan ni 5,000 náírà fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlú, nínú èkejì ni 20,000 náírà fún ẹni tó ń gbé ìdálẹ̀. Owó gan-an tí gbogbo ilé torí rẹ̀ gbé ohùn sókè, òun ni kò hàn. Ohun tí èèyàn fi lè tètè mọ̀ ni pé kí ó máa wo síláìdì tó bá ní àkọlé tí kò sì ní nǹkan mìíràn lábẹ́ rẹ̀ nínú Outline. Ẹnìkan kì í dédé fi síláìdì òfìfo han ìlú.

Ojú síláìdì gan-an ni mo máa ń kà ní tèmi, nínú Normal, pẹ̀lú pátákó Notes ní ṣíṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀. Mo máa ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń kọ nọ́ńbà síláìdì síwájú gbogbo ìlà tí mo bá yọ. Bí àwòrán bá wà, bíi fọ́tò ìwé iye owó tí kóńtírákítọ̀ fi ránṣẹ́ lórí wásáàpù, ojú ni mo fi ń kà á, tí mo sì ń tẹ̀ ẹ́. Mo tún máa ń wo àwọn síláìdì kéékèèké tó tò sápá òsì. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ní ìlà tó gé e kọjá, tí ara rẹ̀ sì ṣá, wọ́n fi pamọ́ ni. Kò hàn nínú ìpàdé bó tilẹ̀ wà nínú fáìlì. Ẹni tí kò bá fiyè sí èyí lè kọ ohun tí ilé kò fojú rí sínú mínìtì, kó sì máa búra pé inú síláìdì lòun ti rí i.

Ọ̀rọ̀ Notes yìí gba kí n dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ló wà nídìí rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lọ. Ohun tí èèyàn kọ sínú Notes, ara rẹ̀ ló kọ ọ́ fún, láti fi rán ara rẹ̀ létí bó bá ń sọ̀rọ̀. Lábẹ́ síláìdì kẹfà, níbi tí iye owó kóńtírákítọ̀ mẹ́ta wà, ẹnjiníà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbìmọ̀ lè san tó 4,700,000 náírà bí wọn kò bá rí i dín kù. Kò sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn. Kò sì yẹ kó sọ ọ́, nítorí pé mọ̀lẹ́bí àwọn kóńtírákítọ̀ wà láàárín wa. Bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá ti inú fáìlì bọ́ sínú mínìtì, tí mínìtì bọ́ sórí wásáàpù, owó ìlú ló máa bá a lọ. Mò ń ka Notes kí n lè lóye ohun tí síláìdì ń sọ, pàápàá bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ méjì péré kọ kókó kan. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ti inú Notes wá tí mo lè kọ pé ìpàdé sọ, àfi bí mo bá fi etí ara mi gbọ́ ọ nínú ìpàdé.

Ibi tí ìwé kékeré tó ń wà lọ́wọ́ mi ti wúlò nìyẹn. N kì í gbìyànjú láti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ. Bí wọ́n bá ti yí síláìdì, mo máa ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sétí ìwé. Bí bàbá alága bá ti bi ilé léèrè, tí ilé sì dáhùn, mo máa ń kọ èsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn: a gbà, a kọ̀, a yí i padà, a sún un, pẹ̀lú ẹni tó dá a lábàá àti ẹni tó kín in lẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ bá ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ parí láìsí pé alága béèrè, mo máa ń na ọwọ́. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ sílẹ̀ fún ti síláìdì kẹrin?” Inú wọn kì í bí sí ìbéèrè yìí. Ìgbà púpọ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ ti jẹ́ kí ilé mọ̀ pé a kò tíì pinnu nǹkan kan, pé ariwo nìkan la pa.

Nílé, mo máa ń fi ìlà tí mo yọ láti inú síláìdì sí apá kan, mo sì máa ń fi ìwé kékeré mi sí apá kejì. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí àyè tirẹ̀. Bóyá ìròyìn ni, tí kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bóyá àbá ni, tí ilé sì ti ṣe nǹkan kan sí i. Bóyá iṣẹ́ ni, tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣe kí ọjọ́ kan tó pé. Ìlà tí kò bá ní ẹ̀rí nínú ìwé kékeré mi kò lè di ìpinnu, bó ti wù kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó lórí síláìdì.

Ẹ jẹ́ kí n mú síláìdì kẹrin. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: “A ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ méjì, ọ̀kan ní ọjà, ọ̀kan ní ilé ìwòsàn alábọ́dé.” Ẹ wo “a ó gbẹ́.” Kò sọ pé a dá a lábàá, kò sọ pé a bẹ ilé. Ó sọ ọ́ bí ohun tó ti parí. Nínú gbọ̀ngàn, àgbà kan dìde, ó ní kànga mẹ́ta ni wọ́n ti gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òótọ́ ló sọ. Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa ní apá gúúsù Kwara. Omi kò sí nínú àpáta náà fúnra rẹ̀, inú ibi tó ti sán tàbí ibi tó ti jẹrà ló ń gbé. Bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tó ń rán iná sínú ilẹ̀ wá ibi tó sán yẹn, èèyàn lè gbẹ́ ọgọ́ta mítà kó má bá omi tó nǹkan. Wọ́n ti yẹ ilẹ̀ ilé ìwòsàn wò, wọn kò tíì yẹ ti ọjà wò. Ilé gbà pé kí a gbẹ́ ti ilé ìwòsàn, kí ti ọjà dúró títí a ó fi yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò.

Nítorí náà, ìlà kan ṣoṣo lórí síláìdì di ìpinnu méjì àti iṣẹ́ kan nínú mínìtì. Ìpinnu kìíní: ìpàdé fọwọ́ sí kànga ẹ̀rọ kan ní ilé ìwòsàn. Ìpinnu kejì: ìpàdé dá kànga ọjà dúró títí èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ yóò fi dé. Iṣẹ́: kí ẹnjiníà mú ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò lọ sí ọjà, kí ó sì gbé èsì fún alága, ó pẹ́ tán, ní 15 Oṣù Kẹwàá. Mo kọ ìdí tí a fi dá a dúró síbẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí àwọn ará ọjà má baà rò pé a kórìíra wọn. N kò kọ orúkọ ẹni tó pariwo, n kò sì kọ bí ó ṣe pariwo.

Síláìdì kẹfà ṣòro ju ìyẹn lọ, nítorí pé àwọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tábìlì ni, pẹ̀lú kóńtírákítọ̀ mẹ́ta: 3,800,000 náírà, 4,450,000 náírà, àti 5,100,000 náírà. Wọ́n ti kun ti àkọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé. Ẹni tí kò sí nínú ìpàdé, tó bá rí tábìlì yìí, yóò gbà pé ẹni tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé ni a yàn. Kì í ṣe òun. Àwọ̀ ewé náà kàn ń fi ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù hàn ni. Nígbà tí wọ́n ka ohun tó wà nínú iye owó rẹ̀, kò sí páìpù tó ń di ara kànga mú kí ilẹ̀ má ya wọ inú rẹ̀, kò sì sí ìdánwò fífa omi, èyí tí wọ́n fi ń mọ iye omi tí kànga lè mú jáde kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ tó yẹ ẹ́. Ilé yan ẹni àárín, 4,450,000 náírà, ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ nǹkan kan: kó kọ̀wé pé páìpù àti ìdánwò wà nínú owó náà.

Ohun tí a so ìpinnu mọ́ yìí ni ó máa ń tètè sọnù. Akọ̀wé á kọ pé “ìpàdé yan kóńtírákítọ̀ kejì,” á sì dúró síbẹ̀. Bí kóńtírákítọ̀ kò bá wá kọ ìwé náà ńkọ́? Bí mínìtì bá sọ pé a yàn án láìsí àdéhùn kankan, ó ti ní ìwé tó lè gbé dìde sí wa. Mo kọ ọ́ báyìí: “Ìpàdé gba iye owó kejì lórí síláìdì 6, bí kóńtírákítọ̀ bá kọ̀wé pé páìpù ara kànga àti ìdánwò fífa omi wà nínú rẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, ọ̀rọ̀ yóò padà wá sí ìpàdé.” Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹnjiníà, láti gba ìwé náà kó tó di 20 Oṣù Kẹsàn-án.

Ti síláìdì kẹsàn-án kò gba àlàyé púpọ̀. Ìgbìmọ̀ béèrè 20,000 náírà lọ́wọ́ ará ìdálẹ̀, ilé sọ ọ́ di 10,000. Ti ará ilé dúró sí 5,000. Ọjọ́ tí a óò san án tán ni 31 Oṣù Kẹwàá. Iye tí a fẹnu kò sí ni mo kọ, mo sì fi kún un pé ó yàtọ̀ sí ti síláìdì, nítorí pé fáìlì àtijọ́ ṣì wà lórí wásáàpù, ẹnìkan á sì ṣí i lọ́jọ́ kan tí yóò máa béèrè ibi tí 10,000 yòókù wọlé sí.

Lẹ́yìn síláìdì kẹsàn-án ni iná lọ. Kí wọ́n tó rí ẹni tan jẹnẹrétọ̀, ìpàdé ń bá ọ̀rọ̀ lọ nínú ooru, àsìkò yẹn gan-an ni a ṣe ìpinnu tó tóbi jù lọ́jọ́ náà: pé kò sí owó tó gbọ́dọ̀ jáde nínú àkáǹtì kànga láìsí ìfọwọ́sí ẹni méjì nínú alága, akápò àti akọ̀wé ìgbìmọ̀ omi. Kò sí síláìdì kankan fún un. Ẹni tó bá ń fi síláìdì nìkan kọ mínìtì kò ní í rántí pé a sọ ọ́ rí. Nínú mínìtì tèmi, níbi tí mo máa ń kọ nọ́ńbà síláìdì sí, mo kọ “láìsí síláìdì,” mo sì kọ orúkọ ẹni tó dá a lábàá àti ẹni tó kín in lẹ́yìn, kí ẹ̀rí rẹ̀ má baà fúyẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ.

Nígbà tí iná dé, síláìdì kọkànlá ni wọ́n gbé e sí. “Next Steps” ni àkọlé rẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn síláìdì yìí, nítorí ó jọ pé ẹnìkan ti bá akọ̀wé to iṣẹ́ sílẹ̀. Ìlà kìíní rẹ̀ sọ pé kí ìgbìmọ̀ rí Kábíyèsí lórí ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, ní kíákíá. Ẹ bá mi wò ó. Ta ni ìgbìmọ̀? Èèyàn méje ni wọ́n, olúkúlùkù yóò sì máa retí pé ẹlòmíràn ti lọ. Ìgbà wo ni kíákíá? Iṣẹ́ tí kò ní ẹnìkan pàtó tí a lè pè lórí fóònù, tí kò sì ní ọjọ́, n kò lè kọ ọ́ bí iṣẹ́. Nínú gbọ̀ngàn, mo béèrè ẹni tó máa lọ. Igbákejì alága ní òun yóò lọ, ilé sì gbà. Kò sí ẹni tó dá ọjọ́ kí wọ́n tó kọjá lọ sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Níbi tí mo ti rí i pé àwọn akọ̀wé máa ń ṣi agbára wọn lò nìyí. Wọ́n á fi ọjọ́ kan síbẹ̀ fúnra wọn, torí pé àyè òfìfo nínú tábìlì kò dùn ún wò. Èmi kọ “ìpàdé kò dá ọjọ́,” mo sì pe igbákejì alága lọ́jọ́ kejì. “Ẹ káàárọ̀ sà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ilé ìwòsàn ni mo torí rẹ̀ pè. Ìgbà wo ni kí n kọ sílẹ̀ pé ẹ máa rí Kábíyèsí?” Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Akọ̀wé, kọ ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn ìrun.” Mo kọ ọ́, mo sì fi kún un pé òun fúnra rẹ̀ ló dá ọjọ́ náà lẹ́yìn ìpàdé. Ẹni tó bá kà á yóò mọ èyí tí ilé sọ, yóò sì mọ èyí tí ẹnìkan ṣèlérí.

Síláìdì kejìlá sí ìkẹrìnlá dá lórí bí a ó ṣe máa tọ́jú ẹ̀rọ náà, ta ni yóò máa ṣọ́ ọ, èló ni wọn yóò máa gbà lórí kẹ́ẹ̀gì omi kan. Ètò tó dára ni, ó sì dùn mí pé ilẹ̀ ṣú kí a tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò dé ibẹ̀. Gbólóhùn kan ni mo kọ nípa wọn, pé a kò gbé síláìdì 12 sí 14 yẹ̀ wò, pé wọ́n di ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹnjiníà bẹ̀ mí pé kí n ṣáà fi wọ́n sí i, kí iṣẹ́ òun má baà ṣòfò. Mo sọ fún un pé kò ní ṣòfò, fáìlì rẹ̀ yóò bá mínìtì lọ bí àfikún. Ohun tí mi ò lè ṣe ni kí n gbé owó lé kẹ́ẹ̀gì omi lórúkọ ìlú tí kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀.

Bí mínìtì náà ṣe rí nígbẹ̀yìn, ojú ìwé méjì ló gbà. Àwọn tó wà níbẹ̀ àti ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ ló ṣáájú. Ìpinnu ló kàn, pẹ̀lú nọ́ńbà. Tábìlì iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e: iṣẹ́ náà, ẹnìkan tó ni ín, ọjọ́ rẹ̀, nọ́ńbà ìpinnu tó bí i, àti nọ́ńbà síláìdì. Mo máa ń fi nọ́ńbà ìpinnu síbẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ tí kò bá ní ìpinnu tó bí i, ìbéèrè ni. Bóyá mo gbàgbé láti kọ ìpinnu kan, bóyá ẹnìkan ló ti fi iṣẹ́ rán ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ìlú rán an. Bákan náà, ìpinnu tí kò bá bí iṣẹ́ kankan, mo máa ń wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ti ìfọwọ́sí ẹni méjì kò kọ́kọ́ ní iṣẹ́ nídìí rẹ̀, títí mo fi rí i pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ sí báńkì lọ yí ìwé àkáǹtì padà. Ilé kò yan ẹnikẹ́ni fún un. Mo kọ ọ́ sínú tábìlì pé kò tíì ní ẹni tó ni ín, mo sì fi lẹ́tà dúdú kirikiri kọ ọ́ kí ojú alága lè tètè bọ́ sí i.

Kó tó pé ọjọ́ méjì, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lórí ahọ́n àwọn èèyàn, mo fi ìpinnu àti tábìlì iṣẹ́ nìkan ránṣẹ́ sí alága, akápò àti ẹnjiníà. N kò fi gbogbo mínìtì ránṣẹ́, nítorí pé bí ó bá gùn, wọn kò ní kà á. Mo kọ ọ́ sí orí rẹ̀ pé ìpàdé kò tíì fọwọ́ sí i. Bàbá alága kà á, ó ní òun ni yóò lọ sí báńkì, kí n kọ orúkọ òun síbẹ̀ pé òun ló yọ̀ǹda ara òun. Ẹnjiníà kò rí àléébù kankan. Alàájà akápò ló pè mí lálẹ́.

“Akọ̀wé, 31 Oṣù Kẹwàá yẹn, ti ará ilé nìkan ni. A fún àwọn ará ìdálẹ̀ di ìparí Oṣù Kọkànlá.”

Mo wo ìwé kékeré mi. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síláìdì kẹsàn-án ni 31 Oṣù Kẹwàá, láìsí ìyàtọ̀ láàárín ará ilé àti ará ìdálẹ̀. Mo pe ẹni tó dá àbá owó náà, ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo lòun rántí. Mo pe ẹni tó kín in lẹ́yìn, ó ní òun gbọ́ ohun kan nípa Oṣù Kọkànlá ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ bóyá ìpinnu ni tàbí ẹ̀bẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún Alàájà púpọ̀. Òun ló ń gba owó náà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun gan-an ló jàre. Síbẹ̀, n kò lè fi ẹ̀rí ẹnìkan yí ohun tí mo kọ sílẹ̀ lójú ìpàdé padà, pàápàá lórí owó. Mo ṣàlàyé fún un báyìí, mo sì fi 31 Oṣù Kẹwàá sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé akápò ní ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ àwọn ará ìdálẹ̀, pé ìpàdé tó ń bọ̀ ni yóò yanjú rẹ̀ nígbà tí a bá ń fọwọ́ sí mínìtì.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, nínú Oṣù Kẹwàá, ilé gbà pẹ̀lú Alàájà. Bàbá alága fi bírò pupa kọ ọjọ́ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ lójú gbogbo wa, ó fọwọ́ sí i, mo sì kọ ọ́ sínú mínìtì ọjọ́ náà pé a gba ti àtẹ̀yìnwá wọlé pẹ̀lú àtúnṣe kan lórí ìpinnu nípa owó ìdáwó. N kò pa ọjọ́ àtijọ́ rẹ́.